Télọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́: ojú dúdú lábẹ́ ìdí, rọ́bà ìtọ̀, àti bó ṣe máa padà sí ṣọ́ọ̀bù n'Ìkẹ́rẹ́

Ẹ̀gbọ́nTélọ̀

Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará wa. Àbúrò mi ọkùnrin ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Ọmọ ọdún 31 ni, télọ̀ ni n'Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú lójú ọ̀nà Adó, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì fọ́. T10 ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fún wa, ìyẹn eegun ẹ̀yìn kẹwàá láti ìsàlẹ̀ ọrùn. Láti ìdodo lọ sísàlẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan lára, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì le koko. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ní ká máa lọ sílé.

Rọ́bà ìtọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo ń wẹ̀ ẹ́ lánàá, mo rí ojú dúdú kan lábẹ́ ìdí rẹ̀ lápá òsì, ó fẹ̀ tó ìdérí ìgò míníra. Awọ ò tíì bó. Aládùúgbò kan ti fún un ní rọ́bà inú táyà pé kó máa jókòó lé e, kí ìdí lè bọ́ sínú ihò àárín. Ẹlòmíì ní ká máa di rọ́bà ìtọ̀ ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, kí ilé ìtọ̀ lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ padà. Òun fúnra rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ju ṣọ́ọ̀bù lọ, aṣọ oníbàárà ti ga nílẹ̀. Èwo ni ká kọ́kọ́ mú ṣe?

ÌyáÌjọ

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ẹ má jẹ́ kó jókòó pẹ́, ẹ máa yí i padà. Ẹ fi sípíríìtì nu ojú ibẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ra á dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ lè lọ, kẹ́ ẹ wá fi páúdà lé e. Bó bá bó, oyin gidi ni kẹ́ ẹ fi sí i. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tọ́jú àwọn tó dùbúlẹ̀ pẹ́ láyé ìgbà tiwa.

Nọ́ọ̀sìAdó

Ìyá wa, ẹ ṣé. Yíyí padà tẹ́ ẹ mẹ́nu bà ni olórí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má ra ojú ibẹ̀. Lábẹ́ awọ tó ti dúdú yẹn, eegun ìjókòó ti fún ẹran mọ́ ìjókòó, ẹ̀jẹ̀ ò sì ráàyè dé ibẹ̀. Ẹran náà ti fara pa. Téèyàn bá wá ń fi ọwọ́ rọ̀ ọ́ mọ́ eegun, ṣe ló máa ya sí i nínú nígbà tí òkè ṣì dà bí ẹni pé kò sí nǹkan. Sípíríìtì ń gbẹ awọ, awọ tó bá gbẹ máa ń sán. Páúdà tó bá pàdé òógùn á di kókó, kókó yẹn á sì máa ha ara. Omi àti ọṣẹ tí kò le tó, kẹ́ ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ ibẹ̀ gbẹ láìha á.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ gba rọ́bà táyà yẹn lábẹ́ rẹ̀ lónìí olónìí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó yí po ló ń tẹ ara, ó sì ń dí ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó ṣàn wọ àárín. Ibi tẹ́ ẹ rò pé ẹ fi sínú afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ò ní dé.

Ìbéèrè mi rèé: tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú dúdú náà, ṣé ó gbóná ju apá ọ̀tún lọ? Ṣé ó le, àbí ó rọ̀ bọ̀ọ̀? Lẹ́yìn tó bá ti sùn mọ́jú láìfi ìdí lélẹ̀, ṣé ó ń parẹ́? Lára aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ẹ má dúró de pípọ́n tí ìwé máa ń sọ. Ara tó dúdú ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, tó ń dán, tó gbóná tàbí tó le, òun ni tiwa.

ỌmọÌjerò

Ẹ̀yin tẹ̀ ń sọ̀rọ̀ awọ, ṣé ẹ ò ní jẹ́ kó rìn ni? Àwọn tó ń to eegun wà lágbègbè wa tó mọṣẹ́ dáadáa. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n sì máa nà án.

Nọ́ọ̀sìAdó

Ọmọ Ìjerò, ìbéèrè ẹ̀gbọ́n kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n mo ní láti dáhùn nítorí omi gbígbóná yẹn. Ẹni yìí ò gbọ́ ohunkóhun láti ìdodo lọ sísàlẹ̀. Bí omi bá ń bó o, kò ní ké. Nígbà tẹ́ ẹ bá máa rí i, awọ ti wú. Eegun ẹsẹ̀ tí kò gbé ara mọ́ sì máa ń rọ, tí wọ́n bá fi agbára fà á, ó lè ṣẹ́ láìjẹ́ pé ó dùn ún. Kí fisiotẹ́rápì máa na ẹsẹ̀ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí oríkèé má baà gan. Kí wọ́n má fi iná kàn án rárá.

Ẹ̀gbọ́nTélọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ó gbóná ju apá kejì lọ díẹ̀, ó sì le lábẹ́ ìka. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ ò yí padà. Ó sun ẹ̀gbẹ́ mọ́jú, síbẹ̀ ó ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀. Ohun tí mi ò sọ lánàá ni pé láti aago 8 àárọ̀ títí di aago 2 ọ̀sán ló máa ń wà lórí àga, ó ní ibùsùn ti sú òun.

Nọ́ọ̀sìAdó

Wákàtí mẹ́fà láìgbé ìdí sókè ló dá a sílẹ̀ nìyẹn. Ojú tó ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n ti gbé ìwúwo kúrò lórí rẹ̀ jẹ́ ìkìlọ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ mọ́jú ti di egbò ìdùbúlẹ̀ ìpele àkọ́kọ́, bí awọ ò tilẹ̀ bó. Kó má jókòó rárá títí ojú náà á fi parẹ́, tí líle rẹ̀ á sì lọ. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé kò ní fẹ́ gbọ́, àmọ́ tí awọ bá là, oṣù ni a máa kà.

Lórí ibùsùn, ẹ máa yí i ní wákàtí méjì méjì, lóru pẹ̀lú. Kó má fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ tààrà lórí eegun ìgbáròkó. Ẹ fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀ kó dà sẹ́yìn díẹ̀, kó máa gbé ara lé ẹran ìdí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìrọ̀rí kan láàárín orúnkún méjèèjì, òmíràn lábẹ́ ojúgun, kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì. Ó tún lè da ojú bolẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ àyà, itan àti ojúgun. Ìdí á sinmi pátápátá báyẹn, ẹ kàn rí i pé rọ́bà ìtọ̀ ò ká sábẹ́ ara rẹ̀.

Nígbà tó bá parẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìjókòó pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ dá a padà sórí ibùsùn, kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀. Tó bá mọ́, ẹ fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn kún un lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ tí àmì bá padà, ẹ dúró. Tẹ́ ẹ bá rí i tó bó, tó ń rùn, tó dúdú bí èédú, tàbí tí ibà dé, ilé ìwòsàn ni, ẹ má gbé oyin. Ìyá Ìjọ, mi ò sọ pé oyin ò dáa, àwọn oníṣègùn ní èyí tí wọ́n fọ̀ mọ́ fún egbò. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà lè ní ìdọ̀tí nínú.

AlágaKẹ̀kẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àga kún un. Kó tó padà sórí rẹ̀, ẹ wá fóòmù líle tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Kó jókòó lé e, kẹ́ ẹ wá ti ọwọ́ yín bọ abẹ́ fóòmù náà ní apá ibi tí eegun ìjókòó wà. Bí eegun bá ti fẹ́ kan ìka yín, fóòmù ti rì, kò wúlò. Tí fóòmù bá ti ní kòtò lójú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ibi tó ń gbé ẹsẹ̀ lé pẹ̀lú. Tó bá ga jù, orúnkún á yọ sókè ju ìdí lọ, gbogbo ìwúwo itan á sì ṣubú sórí eegun ìjókòó. Itan gbọ́dọ̀ tẹ́jú lórí àga.

Tó bá ti ń jókòó, ẹ ní kó máa gbé ìdí kúrò lórí àga lẹ́yìn gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kàn máa ń fi ọwọ́ gbé ara sókè fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Kò tó, ẹ̀jẹ̀ ò tíì padà dé. Kó tẹ̀ síwájú, kí àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan itan, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì.

Nọ́ọ̀sìAdó

Òótọ́ ni AlágaKẹ̀kẹ́ ń sọ. Fífi ọwọ́ gbé ara lójoojúmọ́ tún máa ń ba èjìká jẹ́, bẹ́ẹ̀ àbúrò yín nílò èjìká yẹn láti rá bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì.

ÌyàwóOlùkọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọlé. Ọrùn ni ti ọkọ mi, òun náà ní rọ́bà ìtọ̀. Nígbà míràn orí máa ń fọ́ ọ gan-an lójijì, òógùn á bò ó lójú, ara rẹ̀ nísàlẹ̀ á tutù. Ṣé ìbà ni?

Nọ́ọ̀sìAdó

Ìyá, ẹ má fi pe ìbà. Ẹni tí ìpalára rẹ̀ wà ní T6 tàbí lókè rẹ̀, tí nǹkan bá ń da ara rẹ̀ láàmú níbi tí kò ti lè gbọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ru sókè lójijì, ó sì lè pa á. Ẹ gbé e jókòó ṣánṣán lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dùbúlẹ̀. Ẹ tú ìgbànú àti aṣọ tó fún. Kí ẹ wo rọ́bà ìtọ̀ láti òkè dé àpò: ṣé ó ká, ṣé ó dí, ṣé àpò ti kún? Òun ló máa ń fa á jù. Bí kò bá rọlẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, pàjáwìrì ni, ẹ máa lọ sílé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ọrùn ló fara pa. Àbúrò ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ T10 kì í sábà ní èyí.

BàbáÌyìn

Ẹ jẹ́ ká dé orí rọ́bà ìtọ̀. Ní tèmi o, dídi rọ́bà wákàtí mẹ́ta mẹ́ta dáa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ wọn lọ́pọ̀ ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sìAdó

Bàbá, mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é. Fún ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún tí kò sì ní ìpalára ọ̀pá ẹ̀yìn, wọ́n rò pé ó ń ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni yìí ò ní mọ̀ ìgbà tí ilé ìtọ̀ kún. Wọ́n á gbàgbé tú u lọ́jọ́ kan, ìtọ̀ á kún, yóò sì padà sẹ́yìn sínú kíndìnrín. Dídì ò sì lè so okùn ìmọ̀lára tó já pọ̀. Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí: kí ẹnikẹ́ni má máa fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ kí ìtọ̀ lè jáde. Ìpalára kan náà ló ń ṣe fún kíndìnrín.

Rọ́bà tó wà lára rẹ̀ báyìí jẹ́ èyí tí bàlúùnù kékeré inú rẹ̀ dì mú. Ẹ má fa á yọ o. Kí dókítà sọ ọjọ́ tó máa kúrò. Tó bá jẹ́ rọ́bà lásán, kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó jẹ́ sílíkóònù lè lo tó oṣù mẹ́ta. Títí di ìgbà yẹn, kí àpò wà nísàlẹ̀ ju ilé ìtọ̀ lọ nígbà gbogbo, kẹ́ ẹ sì dà á nù kó tó kún. Ẹ so rọ́bà mọ́ itan kó má máa fà.

Ọwọ́ rẹ̀ le, nítorí náà ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa rọ́bà àlọ-bọ̀: ó máa ń fi rọ́bà tó mọ́ yọ ìtọ̀ fúnra rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin sí mẹ́fà lójúmọ́, á sì yọ ọ́ jáde lẹ́yìn náà. Kò sí rọ́bà tó ń gbé inú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kòkòrò ò sì ní rí ibi dì mú bẹ́ẹ̀. Fún ọkùnrin àgbà, ìwọ̀n 12 tàbí 14 ni wọ́n sábà ń lò.

Kó fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Kó fọ orí okó rẹ̀, kó fi jẹ́lì tó pọ̀ pa rọ́bà. Kó gbé okó sókè, kó máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, bí ìtọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí jáde, kó tì í wọlé díẹ̀ sí i. Tí ó bá kan ibi tó le, kó má fi agbára tì í. Kó mí kanlẹ̀, kó dúró díẹ̀, kó gbìyànjú pẹ̀lẹ́. Nígbà tí ìtọ̀ bá dá, kó máa fa á jáde díẹ̀díẹ̀, nítorí òmíràn ṣì máa ń ṣẹ́ kù nísàlẹ̀. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lè wáyé. Tó bá ń dà, ilé ìwòsàn.

Ẹ̀gbọ́nTélọ̀

Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ìgbà tó ń yọ ọ́ tó, tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù?

Nọ́ọ̀sìAdó

Kó wọ̀n ọ́n. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá yọ ìtọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju 500 mílílítà lọ, ìwọ̀n ọ̀rá píọ́wọ́tà kan. Tó bá ń kọjá rẹ̀, kó sún àsìkò mọ́ra. Kó mu ọ̀rá omi mẹ́ta sí mẹ́rin láti àárọ̀ títí di aago 7 alẹ́, kó pín in, kó má mu ún lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé aago 6 àárọ̀ ló kọ́kọ́ yọ ọ́, kó tó kúrò nílé. Ó tún yọ ọ́ ní aago 11, aago 4, àti aago 10 alẹ́. Aago 11 àti 4 yìí ni yóò bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Tí ti àárọ̀ bá ju ọ̀rá omi kan lọ, kó fi ìgbà kan kún un lóru, tàbí kó dín omi alẹ́ kù. Kó má ṣe dín omi ọ̀sán kù nítorí kò fẹ́ yọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nìyẹn, ìtọ̀ á wá ki, kòkòrò á sì ráàyè.

ApótíOògùn

Rọ́bà kan ní owó o. Ẹ jẹ́ kó máa tún un lò. Kó fi omi ọṣẹ fọ inú àti ìta rẹ̀, kó fi omi tó mọ́ ṣan án, kó rì í sínú omi Mílítìn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kó lò, kó ṣan án lẹ́ẹ̀kan sí i, kó gbẹ. Kó má ṣe sè é lórí iná, irú tó ń dán yẹn máa ń rọ̀, ó sì ń yí padà.

Nọ́ọ̀sìAdó

Mi ò lè sọ pé mo fara mọ́ ọn tán. Ara páálí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀ẹ̀kan ni. Àwọn kan ń tún un lò lọ́nà tí ẹ sọ yìí láìsí wàhálà, àwọn míì ń ní àrùn ìtọ̀ lemọ́lemọ́. Tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà tẹ́ ẹ sọ yẹn sàn ju kó máa fi omi tútù lásán fọ̀ ọ́. Tí rọ́bà bá ti le, tó ti sán, tàbí tó yí àwọ̀, kó jù ú nù.

ApótíOògùn

Owó ló ń pinnu fún ọ̀pọ̀ wa, nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

BàbáÌyìn

Ìtọ̀ bá ń rùn ńkọ́? Ṣé ká fún un ní oògùn apakòkòrò?

Nọ́ọ̀sìAdó

Rárá, òórùn nìkan kò tó. Ẹni tó ń lo rọ́bà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ní kòkòrò nínú ìtọ̀ nígbà gbogbo. Ibà, òtútù, ẹsẹ̀ tó ń fà ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, ìtọ̀ tó ń jò lójijì: àwọn wọ̀nyí ni kẹ́ ẹ fi ṣe àmì. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìtọ̀ lọ fún àyẹ̀wò, oògùn lẹ́yìn. Lọ́dọọdún, kó ya àwòrán kíndìnrín, kó sì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

AtúnMaṣíìnṢe

Mo ń tún maṣíìn ìránṣọ ṣe, mo ti ṣe é fún àwọn bíi tirẹ̀. Maṣíìn tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kò wúlò fún un mọ́, ṣùgbọ́n orí maṣíìn ò ní àìsàn. Ẹ yọ irin ìtẹ̀sẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kúrò pátápátá. Orúnkún rẹ̀ máa kọlù ú, kò sì ní mọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde. Ẹ ra mọ́tò kékeré, kẹ́ ẹ gbé ìtẹ̀sẹ̀ mọ́tò náà sórí tábìlì, kó máa fi ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ méjèèjì á wà lórí aṣọ. Ẹ kan án mọ́ pákó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa sá. Tí iná ò bá sí, ẹ fi ọwọ́ ìyí sára kẹ̀kẹ́ maṣíìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ló máa kù fún aṣọ, ìránṣọ tó lọ tààrà nìkan ló dáa fún.

AlágaKẹ̀kẹ́

Ẹ fi kún un pé abẹ́rẹ́, pínnì àti sísọ́ọ̀sì kì í ṣe ohun tí ó máa jẹ́ kó wà nítòsí itan. Pínnì tó bá bọ́ sórí fóòmù, ó lè jókòó lé e ní gbogbo ọjọ́. Kó fi ọwọ́ gbá fóòmù kó tó rá sórí rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Àyọ́ọ̀nù gbígbóná náà, kó má gbé e sórí itan.

ỌmọÌjerò

Òfin àwọn akanda ẹ̀dá tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2019 ní kí iléeṣẹ́ ìjọba fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe ti wọn. Kí ló dé tí kò wá iṣẹ́ ìjọba?

AlágaKẹ̀kẹ́

Òtítọ́ ni, òfin náà wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n sọ pé ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ó ní oníbàárà. Ohun tó kàn án ní báyìí ni bí yóò ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wọn àtẹ̀gùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Fún sẹ̀ǹtímítà kan gíga, ẹ na pákó tàbí kọnkéré náà tó sẹ̀ǹtímítà méjìlá. Tí àtẹ̀gùn bá ga tó 20, ó gbọ́dọ̀ gùn tó 240. Tí ẹ bá ṣe é kúrú, àga á dojú dé sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́nTélọ̀

Mo ti gba rọ́bà táyà kúrò, ó ti wà lórí ẹ̀gbẹ́ láti òwúrọ̀. Ó bínú díẹ̀, ó ní kí n sọ fún yín pé aṣọ ìgbéyàwó ẹnìkan wà níwájú òun. Mo ní a máa fún télọ̀ míì ràn. Àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù náà ga tó sẹ̀ǹtímítà 17, onílé sì ní òun ò fẹ́ kọnkéré sí iwájú òun, pákó ni a máa lò. Fún àwọn tó ti ṣe é: ṣé pákó tó gùn tó 204 ò ní tẹ̀ láàárín lábẹ́ àga, àti irú igi wo ni mo máa rà?

AtúnMaṣíìnṢe

Á tẹ̀ tó bá tínrín. Igi ìrókò ni kẹ́ ẹ rà tẹ́ ẹ bá rí i, kó nípọn, kẹ́ ẹ sì ti ọ̀pá méjì sábẹ́ àárín rẹ̀. Ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí rẹ̀ lápá méjèèjì kí táyà àga má baà yọ. Ẹ ṣọ́ orí ìṣó, kó má yọ sókè.